Ta Ni Òfin Àgbáyé Ń Bá Wí? Ilé-Iṣẹ́ Epo, Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn àti Àlàfo tó Wà Láàárín Wọn

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí wo ìdí tí ilé-iṣẹ́ ńlá fi lè ba ilẹ̀ àti omi àwọn ènìyàn jẹ́ kí ó má sì sí ilé-ẹjọ́ àgbáyé tó lè pè é kó wá jẹ́jọ́. A lo ẹjọ́ tí àjọ SERAP pè ní ilé-ẹjọ́ ECOWAS ní Àbújá, àti ẹjọ́ àwọn àgbẹ̀ Oruma àti Goi ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, láti ṣàlàyé ohun tí a pè ní àyẹ̀wò ìṣọ́ra. Èrò wa ni pé àyẹ̀wò ìṣọ́ra tí kì í ṣe dandan a máa di ẹrù lé ẹni tó gbìyànjú lórí, a sì máa jẹ́ kí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìfáàrà

Àwa tí a ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ lọ́la mọ bí a ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. A ó to àwọn ẹ̀tọ́ náà lẹ́sẹẹsẹ, a ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ wọ́n sínú ìwé, a ó sì sọ fún wọn pé ìjọba ló gbọ́dọ̀ dáàbò bò wọ́n. Ibi tí wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá nawọ́ sókè tó sì béèrè pé, bí kì í bá ṣe ìjọba ló ba odò jẹ́ ńkọ́? Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ni? Ìbéèrè yìí ti bá wa lójijì rí nínú kíláàsì, ìdáhùn tí a fún akẹ́kọ̀ọ́ náà kò sì tẹ́ àwa fúnra wa lọ́rùn. A ní kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́. Ilé-ẹjọ́ wo? A kò sọ. Iṣẹ́ yìí ni ìdáhùn tí ó yẹ kí a ti fún un lọ́jọ́ náà.

Ẹjọ́ tí wọ́n gé kù ní Àbújá

Karu tí a péjọ sí yìí kò jìnnà sí ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Karu, tó gba Kugbo kọjá sí AYA, ti wọ Àbújá níbi tí ilé-ẹjọ́ àjọ ECOWAS fìdí kalẹ̀ sí. Láti ọdún 2005 ni ilé-ẹjọ́ yìí ti ní àṣẹ láti gbọ́ ẹ̀sùn títẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mọ́lẹ̀. Ohun tó mú kí ó yàtọ̀ ni pé ará ìlú lè gba ibẹ̀ lọ tààrà, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ la gbogbo ilé-ẹjọ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀ kọjá.

Ní ọdún 2009, SERAP, àjọ aládàáni kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ mẹ̀kúnnù ní Nàìjíríà, gbé ọ̀rọ̀ Náíjà Dẹ́ltà wá síbẹ̀. Ẹ̀sùn wọn ni pé epo rọ̀bì tó ń dà sílẹ̀ lọ́dọọdún ti ba oko, odò àti ìlera àwọn ará ibẹ̀ jẹ́. Wọn kò pe ìjọba àpapọ̀ nìkan. Wọ́n pe NNPC, wọ́n sì pe Shell, Elf, Agip, Chevron, Total àti ExxonMobil pẹ̀lú. Ó dà bí ẹni pé gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni yóò jókòó sí iwájú adájọ́ kan náà.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, kí wọ́n tó dé orí kókó ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ náà yọ gbogbo àwọn ilé-iṣẹ́ kúrò. Àwọn adájọ́ kò díbọ́n pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Wọ́n gbà pé ó wà lára ohun tí àríyànjiyàn pọ̀ lé lórí jù nínú òfin àgbáyé. Ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi yọ wọ́n ṣe kedere. Ìwé Àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí SERAP gbé ẹjọ́ rẹ̀ kà, àwọn orílẹ̀-èdè ló fọwọ́ sí i. Ilé-iṣẹ́ kankan kò fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò sì sí nínú àdéhùn, a kò lè pè é lẹ́jọ́ pé ó da àdéhùn.

Ó kù sọ́wọ́ Nàìjíríà nìkan. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 2012, ilé-ẹjọ́ náà dá Nàìjíríà lẹ́bi lábẹ́ abala 1 àti abala 24 ìwé àdéhùn náà. Abala 24 yìí ló fún àwọn ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó dára tí wọ́n lè gbèrú nínú rẹ̀. Ìjọba ní òun ti ṣe òfin, òun sì ti dá àjọ sílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní òfin tí a kọ sínú ìwé tí a kò lò kò tó. Wọ́n pàṣẹ pé kí ìjọba tún àyíká náà ṣe, kí ó dènà ìbàjẹ́ mìíràn, kí ó sì mú àwọn tó fa ìbàjẹ́ náà. Bílíọ̀nù kan dọ́là tí SERAP béèrè fún gẹ́gẹ́ bí owó gbà-máà-bínú, wọn kò fún un. Wọ́n ní àwọn tí ọ̀rọ̀ náà pa lára pọ̀ ju ohun tí a lè kà lọ, kò sì sí orúkọ wọn níwájú àwọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níhìn-ín dáadáa. Ilé-ẹjọ́ kò sọ pé àwọn ilé-iṣẹ́ kò jẹ̀bi. Ohun tó sọ ni pé òun kò ní ẹnu láti bá wọn wí, nítorí náà kí ìjọba bá wọn wí. Ìjọba tí wọ́n rán níṣẹ́ yìí kan náà ni alájọṣe àwọn ilé-iṣẹ́ náà nínú epo tí wọ́n ń wà, nípasẹ̀ NNPC. Àlàfo tí àwọn onímọ̀ òfin ń sọ nípa rẹ̀ nìyẹn, ó sì ṣojú wa níhìn-ín, ní Àbújá.

Ohun tí a pè ní àyẹ̀wò ìṣọ́ra

Nígbà tí ilé-ẹjọ́ ECOWAS ń ṣe ìpinnu yìí, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń gba ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2011, ìgbìmọ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn fọwọ́ sí ìlànà 31 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Jọ́ọ̀nù Rọ́gì kó jọ lórí òwò àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ìlànà náà pín iṣẹ́ náà fún ìjọba àti ilé-iṣẹ́: ìjọba gbọ́dọ̀ dáàbò bo àwọn ènìyàn, ilé-iṣẹ́ ní ojúṣe láti bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ wọn, ẹni tí wọ́n bá sì pa lára gbọ́dọ̀ rí ibi tí yóò ti gba àtúnṣe. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀. Ti ìjọba jẹ́ dandan lábẹ́ òfin àgbáyé. Ti ilé-iṣẹ́ jẹ́ ohun tí àwùjọ ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlànà náà fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò dá gbèsè òfin tuntun kankan sílẹ̀.

Ohun tí wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ máa ṣe ni àwa ń pè ní àyẹ̀wò ìṣọ́ra níhìn-ín. Kì í ṣe àyẹ̀wò tí oníṣòwò máa ń ṣe kí ó tó ra ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn, tó ń wá ibi tí owó òun lè há sí. Ewu tí àyẹ̀wò tiwa ń wá ni ewu tí ilé-iṣẹ́ lè kó bá ẹlòmíràn. Kí ilé-iṣẹ́ wá ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti lè pa ènìyàn lára. Kí ó fi ohun tó rí sínú ìpinnu àti ìnáwó rẹ̀, kí ó dí ihò náà. Kí ó máa padà wò ó bóyá ohun tó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kí ó sì sọ ọ́ síta fún àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Bí a bá sọ ọ́ báyìí, ó dà bí ìmọ̀ràn tí ẹnikẹ́ni lè fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí a gbé e lé orí páìpù kan tí a lè fojú rí.

Páìpù Oruma

Oruma jẹ́ abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Bayelsa. Páìpù epo tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínṣì 20 gba abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kọjá, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ SPDC tí í ṣe ọmọ Shell ní Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2005, páìpù náà jò, epo sì wọ inú oko àti adágún ẹja. Ní Goi, ní ilẹ̀ Ògóní, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2004. Ní ọdún 2008, àwọn àgbẹ̀ àti apẹja mẹ́rin láti Oruma, Goi àti Ikot Ada Udo, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ Milieudefensie, gbé ẹjọ́ náà lọ sí ìlú Hégì ní Nẹ́dálándì, níbi tí olú ilé-iṣẹ́ Shell wà nígbà náà.

Kókó àkọ́kọ́ tí wọ́n jà lé lórí ni ohun tó fa jíjò náà. Òfin Nàìjíríà lórí páìpù epo, èyí tí ilé-ẹjọ́ Nẹ́dálándì lò, sọ pé ẹni tó ni páìpù gbọ́dọ̀ san owó gbà-máà-bínú fún ìbàjẹ́ tí jíjò rẹ̀ fà, ìbáà ṣe aláìbìkítà tàbí kò ṣe é, àyàfi bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló mọ̀ọ́mọ̀ ba páìpù náà jẹ́. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ olè fi máa ń wáyé nínú gbogbo ẹjọ́ epo. Bó bá jẹ́ ìpẹtà ló jẹ páìpù, ilé-iṣẹ́ yóò sanwó. Bó bá jẹ́ olè ló dá a lu, kò ní san.

Báwo la ṣe ń mọ̀? Ara irin náà máa ń sọ̀rọ̀. Ihò tí ẹ̀rọ dá lu máa ń ṣe róbótó, etí rẹ̀ a sì mọ́. Ibi tí wọ́n fi ayùn gé máa ń tọ́ gbọnrangandan. Ìpẹtà kì í ṣe bẹ́ẹ̀: irin yóò ti fẹ́lẹ́ yí ihò náà ká, etí ihò yóò sì rí ṣákaṣàka. Ìṣòro ibẹ̀ ni ẹni tó ń wò ó. Bí epo bá dà, àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́, ti ìjọba àti ti ìlú máa ń lọ wo páìpù náà papọ̀, wọn a sì fọwọ́ sí ìwé kan. Ilé-iṣẹ́ ló ni ohun tí wọ́n fi ń gbẹ́lẹ̀, òun ló ni àwọn ẹ̀rọ ìwọ̀n, òun náà ló sì ń kó irin tó bàjẹ́ lọ. Ará ìlú tó bá fọwọ́ sí ìwé náà lọ́jọ́ yẹn lè má mọ̀ pé gbólóhùn kan tó wà nínú rẹ̀ nípa olè ni yóò gba owó rẹ̀ lọ. Bí àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí bá fẹ́ ohun tí wọ́n lè fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní kíkà àti òye, ìwé yẹn ni a ó kọ́kọ́ mú.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Hégì ní SPDC kò lè fi hàn láìsí iyèméjì pé olè ló ba páìpù jẹ́ ní Oruma àti Goi. Wọ́n ní kí ó san owó gbà-máà-bínú. Ní Goi, wọ́n tún rí i pé kò ti epo náà pa ní kíákíá bó ṣe yẹ. Ní Oruma, wọ́n rí ohun mìíràn: páìpù náà kò ní ẹ̀rọ tó ń tani lólobó bí epo bá ń jò. Wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n fi í sí i, àṣẹ náà sì kan ìyá ilé-iṣẹ́ ní Yúróòpù pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ẹ̀rọ yìí gan-an ni àyẹ̀wò ìṣọ́ra nígbà tó bá bọ́ kúrò lórí bébà. Ẹni tó bá ń wá ewu yóò mọ̀ pé páìpù abẹ́ ilẹ̀ lè jò kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ẹni tó bá fẹ́ dí ihò náà yóò ra ẹ̀rọ, yóò sì yan ẹni tí yóò máa wò ó ní òru. Ẹni tó bá ń tọ ipa iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣírò wákàtí tó wà láàárín ìgbà tí epo bẹ̀rẹ̀ sí í dà àti ìgbà tí wọ́n tì í pa, yóò sì fẹ́ kí iye náà máa dínkù. Bó bá sì ń sọ ọ́ síta, abúlé yóò mọ nọ́ńbà tí wọn yóò pè. Bí èyíkéyìí nínú rẹ̀ bá ti kù, ìyókù di ọ̀ṣọ́ ìwé.

Láti ọdún 2008 tí wọ́n pe ẹjọ́ dé oṣù Kejìlá ọdún 2022 tí Shell gbà láti san mílíọ̀nù 15 yúrò fún àwọn ìlú náà, láìgbà pé òun jẹ̀bi, ọdún mẹ́rìnlá ló kọjá. Àwọn kan nínú àwọn tó pe ẹjọ́ ti kú. Àwọn ọmọ wọn ló bá wọn parí rẹ̀.

Ìwé tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ọmọ bá ju òkúta tó sì fọ́ ìkòkò aládùúgbò, bàbá àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa ránṣẹ́ pè. Òfin ilé-iṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Lójú òfin, gbogbo ọmọ ilé-iṣẹ́ ti dàgbà lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Gbèsè rẹ̀ kì í ṣe gbèsè ìyá rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe wá mú ìyá ní Hégì?

Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù fi ìdáhùn náà hàn kedere. Ní ọdún 2019, nínú ẹjọ́ àwọn ará Zambia pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Vedanta tó ń wa kọ́pà, àti ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2021, nínú ẹjọ́ àwọn ará Ogale àti Bille ní ìpínlẹ̀ Rivers pẹ̀lú Shell, wọ́n ní kò tó kí ìyá ní ìpín nínú ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá dá sí bí ọmọ ṣe ń ṣiṣẹ́, bó bá ṣe ìlànà ààbò fún gbogbo ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tó sì ń rí i pé wọ́n tẹ̀ lé e, tàbí tó kéde fún ayé pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè ti gbé ojúṣe ìkìyèsára lé ara rẹ̀ lọ́rùn. A gbọ́dọ̀ sọ pé ẹjọ́ méjèèjì yìí kò parí síbẹ̀: ohun tí wọ́n pinnu ni pé Lọ́ńdọ̀nù lè gbọ́ ẹjọ́ náà, kì í ṣe pé ilé-iṣẹ́ ti jẹ̀bi.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn wá jù. Ohun tí agbẹjọ́rò ará abúlé ń wá nínú irú ẹjọ́ yìí ni ìwé ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀: ìlànà ààbò tó tẹ̀ jáde, àbọ̀ ìpàdé tí wọ́n ti jíròrò páìpù, ìjábọ̀ ọdọọdún tó ní olórí ń mójú tó ewu àyíká. Ìwé àyẹ̀wò ìṣọ́ra ni gbogbo wọn. Ìyẹn ni pé ilé-iṣẹ́ tó bá ṣe ohun tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí ó ṣe ti kọ ẹ̀rí tí wọn yóò fi mú un. Èyí tó bá jókòó sí Yúróòpù tó ní òun kò mọ ohun tí ọmọ òun ń ṣe ní Áfíríkà, òun ló ní ìdáàbòbò. Kò sí agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ tó mọṣẹ́ tí kò ní sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé kí ó dín ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù. A kò rò pé ìwà ìkà ló ń fà á. Bí ìlànà ṣe rí ló ń tì wọ́n síbẹ̀: níbi tí ìṣọ́ra kì í bá ti í ṣe dandan, àìmọ̀ ń lérè.

Ọ̀nà àbáyọ tí àwọn kan gbà ni láti sọ ọ́ di dandan, kí ẹni tí kò wò ó jẹ̀bi nítorí pé kò wò ó. Ilẹ̀ Faransé ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2017. Ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 5,000 nílẹ̀ Faransé, tàbí 10,000 káàkiri ayé, gbọ́dọ̀ kọ ètò ìṣọ́ra rẹ̀ jáde, ará ìlú sì lè pè é lẹ́jọ́ bí ètò náà kò bá kájú òṣùwọ̀n. Àwọn àjọ kan fi òfin yìí pe TotalEnergies nítorí iṣẹ́ epo rẹ̀ ní Uganda àti Tansaníà. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù lórí ìlànà pípè é, láìdé orí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn àgbẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2024. Ní ọdún 2025, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú dé ọdún 2028. Òfin méjèèjì kò sì lè dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta lẹ́bàá ilé wa, tí kò ní ìyá ní òkè òkun, tí kò sì ń ta nǹkan kan síbẹ̀.

Àkíyèsí tó wà nísàlẹ̀ ìwé

Ohun tó ku ni àdéhùn àgbáyé tó jẹ́ dandan. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, Ekuador àti Gúúsù Áfíríkà gbé àbá kan kalẹ̀ ní Jẹ̀nẹ́fà pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Orílẹ̀-èdè 20 fọwọ́ sí i, 14 kọ̀ ọ́, 13 kò dá sí i. Nínú àwọn tó kọ̀ ọ́ ni Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí àwọn ìyá ilé-iṣẹ́ wà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pàdé lọ́dọọdún lórí rẹ̀, àdéhùn náà kò sì tíì parí. Oṣù kan náà yẹn ni àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn Malabo, èyí tí yóò fún ilé-ẹjọ́ Áfíríkà lágbára láti bá ilé-iṣẹ́ ṣẹjọ́ ọ̀daràn. Orílẹ̀-èdè 15 ló gbọ́dọ̀ fi òǹtẹ̀ lù ú kí ó tó di òfin. Kò tíì tó.

Nísàlẹ̀ àbá ọdún 2014 náà, àkíyèsí kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fojú fò. Ó sọ pé ilé-iṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kọjá ààlà orílẹ̀-èdè ni ọ̀rọ̀ náà kàn, pé kò kan ilé-iṣẹ́ ilé tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin orílẹ̀-èdè rẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ ń dáàbò bo oníṣòwò kékeré ilẹ̀ wọn, a sì mọ ohun tí wọ́n ń rò. Láti àkọsílẹ̀ ọdún 2019 ni àwọn tó ń tún àdéhùn náà kọ ti fẹ̀ ẹ́ sí i láti kan gbogbo ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò tán.

Ìdí tí àkíyèsí yẹn fi kàn wá ju ẹnikẹ́ni lọ nìyí. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2025, Shell parí títa SPDC fún Renaissance, àgbájọpọ̀ ilé-iṣẹ́ mẹ́rin tó wà ní Nàìjíríà àti ọ̀kan láti òkè òkun. Ẹni tí epo ti pa lára ṣáájú lè ṣì máa bá Shell rojọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ohun tó ti kọjá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú àwọn páìpù náà bá jò lọ́la, kò sí ìyá ní Hégì tàbí Lọ́ńdọ̀nù tí wọn yóò ránṣẹ́ pè. Ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ nílé níhìn-ín ló kù fún ará abúlé, pẹ̀lú ìwé tí ó fọwọ́ sí lẹ́bàá ihò páìpù. Bó bá sì gba Àbújá wá sí ilé-ẹjọ́ ECOWAS, Nàìjíríà nìkan ni yóò bá níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí SERAP ṣe bá a.